Mo Fi Ìgbàsókè Dí Ìyàwó Mi Lọ́nà Ilé Ìyá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tètè dá mi lẹ́jọ́. Ìyàwó mi ti kú, n kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọmọ mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì ní ìjọ Aládúrà wa. Ìdílé Mùsùlùmí ní Mákun-Omi ni ìyàwó mi ti wá. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ló di Kristẹni.

Ní ọdún kan, a jà. Ó ní òun fẹ́ lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní padà. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bí fèrè bá dún, àwọn òkú nínú Kristi yóò kọ́kọ́ jíǹde, a ó sì gba àwa tí a wà láàyè sókè pẹ̀lú wọn nínú àwọsánmà. Mo ní bí ìgbàsókè yìí bá bá a nílé ìyá rẹ̀, láàárín àwọn tí kò gbà gbọ́, yóò ṣẹ́kù fún ìpọ́njú ọdún méje, lábẹ́ Aṣòdì-sí-Kristi.

Irọ́ ni ohun tí mo sọ nípa ilé ìyá rẹ̀ yẹn. Mo mọ̀. Jésù ní obìnrin méjì yóò jọ máa lọ ọkà, a ó mú ọ̀kan, a ó fi èkejì sílẹ̀. Ibì kan náà ni wọ́n wà, nítorí náà kì í ṣe ibi tí ènìyàn wà ni a ó fi yàn án. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fo ẹsẹ náà.

Ìyàwó mi kò lọ. Ìyá rẹ̀ bínú lórí fóònù: "Ṣé Jésù yín ò mọ ọ̀nà Mákun-Omi ni?" Ìyàwó mi sunkún. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ó kú láìtún fojú kan ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dàrú. Olùkọ́ kan ní ìjọ yóò la ìpọ́njú ńlá kọjá kí Olúwa tó dé. Òmíràn ní ibi ìdájọ́ ni a ó mú èyí tí a mú nínú obìnrin méjì yẹn lọ, bí ìkún omi ṣe gbá àwọn ará ìgbà Nóà lọ. Àwọn kan ní a ó de Sàtánì, Kristi yóò sì jọba níhìn-ín fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn kan ní ẹgbẹ̀rún ọdún náà kì í ṣe ọdún tí à ń kà, pé ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ èyí tí mo lè dì mú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹni tó ní ilé ìyá ẹni lè mú kí ènìyàn ṣẹ́kù.

Ní báyìí, ìyá àgbà, ìyá ìyàwó mi, dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ń béèrè Bùkọ́lá, ọmọ wa. Mo ní kó lọ.

Ó ní, "Bàámi, tí fèrè bá dún ńkọ́? Màámi gan-an ò lọ, ìyá tó bí wọn sì ni. Ẹ wá fẹ́ kí n ṣẹ́kù?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ìyá rẹ̀ ló ń sọ padà fún mi.

Bí mo bá sọ òtítọ́, yóò mọ̀ pé èmi ni mo fa ẹkún ìyá rẹ̀. Ó lè máà gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu mi mọ́, títí kan pé Olúwa ń bọ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, ìyá àgbà yóò máa wo ẹnu ọ̀nà títí yóò fi kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọmọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà nígbà tó ṣì lè gbọ́ mi?