Ọpẹ́ Olútóyìn Tí Mo Jí

Ẹ dá Halelúyà yẹn dúró ná. Ẹ ní kí èmi Bọ́dúndé wá jẹ́rìí bí Olúwa ṣe gbé mi ga níbi iṣẹ́ ní Oregun. Olúwa kọ́ o. Èmi ni mo gbé ara mi, orí ẹlòmíràn ni mo sì tẹ̀ débẹ̀. Ẹni náà ló jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń ṣe àmín sí irọ́ mi. N kò lè gbé e mọ́.

Ẹ mọ̀ pé mo pẹ́ ní Ítálì. Nígbà tí mo dé, mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi láti Ọgbà dé Ìkẹjà. Àwọn ará Ítálì kan ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá. Ògbufọ̀ ni mí níbẹ̀. Bàbá Ànú, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ gan-an. Mo kà wọ́n sí aláìmọ̀kan. Ẹni tí gírísì kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, kí ló fẹ́ bá mi sọ?

Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, ọ̀gá àgbà wọn, Galli, fò wá láti Ítálì. Kò mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùkọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì kọjá “gúdù mọ́nìn.” Ó sọ fún mi pé ẹni tí àwọn ọmọ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lòun máa fi ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ẹni tó sọ ọ́ fún!

Olútóyìn, ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní, ló máa dúpẹ́ lórúkọ àwọn yòókù. Ó ti kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan, ó sì mú un wá kí n túmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó to oyè àwọn èèyàn ńlá jọ níbẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo gé e kúrò, mo kọ “Gentili ospiti”, ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n, ó parí. Bí mo bá pe ayẹyẹ náà ní “laurea”, wọ́n á rò pé yunifásítì ni, mo kọ “diploma”. Ògbufọ̀ kì í sì í wí pé “ó ní òun dúpẹ́”. Bíi pé òun gan-an lọlọ́rọ̀ ni yóò máa sọ ọ́. Nítorí náà èmi onírùngbọ̀n yìí, “sono grata”, mo dúpẹ́, ni mo ní láti wí, bí obìnrin ṣe ń wí i. Mo mọ iṣẹ́ mi. Olè tó mọṣẹ́ ni mí.

Ó ń sọ gbólóhùn kan, á dúró, èmi á túmọ̀. Àwọn òbí á rẹ́rìn-ín, àwọn òyìnbó tó bá Galli wá á wá rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn. Ó wá ní, “Bàbá Ànú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Nígbà tí bàbá mi kú tí mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé wọn ní Agége ni wọ́n mú mi lọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ, àwọn ló kọ́ mi.” Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń la orúkọ mọ́ àgbà lórí ni? Orúkọ ọmọ wọn ló fi pè wọ́n. Ẹkúndayọ̀ ló wà nínú ìwé Galli, iṣẹ́ ògbufọ̀ sì ni kó sọ pé ẹnì kan náà ni. N kò sọ ọ́. Mo ní, “Ringrazio il nostro interprete, che mi ha insegnato tutto.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀ wa, tó kọ́ mi ní gbogbo nǹkan. Mo wá tẹrí ba bí onírẹ̀lẹ̀. Ẹni ẹ̀gbin!

Bàbá Ànú ti dìde nínú agbádá wọn. Galli bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní, “È lo zio.” Àbúrò bàbá ọmọ náà ni. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Kálukú gbọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ méjèèjì àfi èmi. Bàbá Ànú ń nu ojú.

Wọ́n fi mí jẹ olórí. Kò pẹ́ tí mo fi dá Bàbá Ànú dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ojú mi má baà máa rí wọn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n wá sí ọ́fíìsì mi. “Bọ́dúndé, ọmọ mi, o ṣé. Ẹnu rẹ ni òyìnbó fi mọ̀ mí. Pé wọ́n gbọ́ ọpẹ́ ọmọ yẹn, ó tó mi.” Mo ní kò tọ́pẹ́. Wọ́n jáde tán, mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Olútóyìn, tó ti ń kọ́ èdè Ítálì lọ́dọ̀ mi, gbé fídíò ọjọ́ náà wá lórí fóònù. “Sà, àbúrò bàbá ta lẹ ń sọ níbí?” Mo da fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ náà gba fóònù rẹ̀, ó jáde láì kí mi.

Mo ti pe Galli láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gé fóònù mọ́ mi létí. Ohun tó bá wù ú ni kó ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ gbọ́ èdè òyìnbó lójú méjèèjì, ẹ wò mí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rán yín, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an, kí ẹ má baà dà bí mo ṣe dà yìí.

Bàbá Ànú, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè. Ọpẹ́ yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. “Ringrazio il signor Ekundayo, che mi ha insegnato tutto.” Olútóyìn ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ òun ní gbogbo nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde.