Ìparí Méjì fún Iná San Telmo

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ gígé fíìmù. Dókítà ń bá àwọn ẹbí mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ. N kò fẹ́ gbé ohun tó wà nínú mi yìí wọ ilẹ̀. Èmi Eulalia Berrondo, tí gbogbo onífíìmù Mẹ́síkò ń yìn, mo ti pa ènìyàn. N kò gbé ọ̀bẹ. Àlùmọ́gàjí ni mo gbé.

Iná jó ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní San Telmo, lọ́nà Puebla. Àwọn ọmọbìnrin tó ń hun aṣọ kú sínú rẹ̀, torí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Fermín Zaldívar, olùdarí tí mo ń bá ṣiṣẹ́, fi ọ̀ràn náà ṣe fíìmù. Ó yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé Nicanor Tepox, tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà, ni ọdẹ inú fíìmù? Ọkùnrin náà sì wà láàyè.

Ní ìparí tí Fermín yà, iná ti kú, ọdẹ dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn tó jó. Kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí a ti rí ojú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló kàn, tó ń rọra ti kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tábìlì. Ó tán. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, pé ẹ̀rù ló di ọdẹ lẹ́nu.

A kọ́kọ́ fi han àwọn ará àdúgbò kan, ká lè mọ bó ṣe máa rí lára wọn. Wọ́n jáde bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú bọ̀. Don Abelardo, olówó fíìmù, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìnagijẹ mi pè mí.

“Lala, ṣó o rí wọn? Ta ló máa padà wá ra ìbànújẹ́? Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba náà ò ní gbà kí ọ̀daràn lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sì ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn o.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, ọ̀gá?”

“Wá ìparí míì. Ti Fermín, a ó fi ránṣẹ́ sí Paris. Àwọn yẹn fẹ́ràn nǹkan tó korò.”

Fermín kọ̀. Don Abelardo bá gba fíìmù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bí mo bá ṣe é, èmi ni yóò di olórí gbogbo àwọn agéfíìmù. Ipò náà sì wọ̀ mí lójú.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹ lè mọ bó ti rọrùn tó. N kò pe òṣèré kankan padà. Mo yọ ọwọ́ ọ̀gá kúrò. Níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ọdẹ mu ọtí mezcal, ó sùn lọ, kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gé ibẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ojú tó ń wo ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ohun tó ń rántí nìyẹn. Mo fi ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n tí mo mú nínú fíìmù mìíràn parí rẹ̀. Ojú kan náà ni o! Ṣùgbọ́n ojú tó kún fún ẹ̀rù ti di ojú ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò sì dúró síbẹ̀. Ìparí a máa rìn padà sẹ́yìn. Oúnjẹ tí ọdẹ kò lè jẹ, bí ó ti ń yẹra fún àwọn ìyá òkú, gbogbo ohun tó ti jẹ́ ìbànújẹ́ tẹ́lẹ̀ ló di ìwà apànìyàn.

Fermín wò ó, ó dìde. “Lala, o ò fọwọ́ kan àárín rẹ̀, o sì ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Àárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni ọkùnrin yẹn ń gbé!”

“Fíìmù lásán ni,” ni mo wí. Ẹ ò rí ẹnu mi!

Wọ́n fi han San Telmo ní gbàgede ìlú. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi wọlé tọ̀ mí wá níbi iṣẹ́, eruku bo ìborùn rẹ̀. Doña Refugio ni, ìyàwó Nicanor.

“Ọmọ mi, òkúta ni wọ́n ń sọ lu ilé wa. Wọ́n ní àwọn ti fojú àwọn rí i. Mo gbọ́ pé ìparí míì wà. Ẹ dákun, ẹ fi hàn wọ́n.”

Agolo tí ìparí náà wà nínú rẹ̀ wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Bí mo bá na ọwọ́, mo kàn án. Mo ronú kan ipò mi.

“Ìyá, wọ́n tàn yín ni. Kò sí ìparí míì.”

Ó gbọn eruku ìborùn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ó kéré tán, ẹ dá mi lóhùn.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Àwọn ọkùnrin ìlú fi igi lu Nicanor pa létí odò. Nígbà tí ọlọ́pàá mú wọn, ọ̀kan ní, “Ó ti jẹ́wọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ ní sinimá.” Ẹ̀yin ọmọ, ọdẹ inú fíìmù náà kò la ẹnu rẹ̀ ní ìparí. Ìlẹ̀mọ́ mi ló jẹ́wọ́ dípò rẹ̀.

Síbẹ̀, èyí tó burú jù kù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo gbé agolo náà. Mo lè gbé e lọ sí San Telmo, kí orúkọ rẹ̀ lè mọ́, ó kéré tán. Àwọn tó ń se fíìmù àtijọ́ láti yọ fàdákà inú rẹ̀ ni mo gbé e lọ bá. Mo dúró títí àwòrán fi yọ́ kúrò lára rẹ̀, tó ku ike funfun. Ti Paris náà, Don Abelardo kò fi ránṣẹ́ rí; agolo yẹn nìkan ló wà.

Doña Refugio ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní San Telmo. Ẹ lọ bá a, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, ẹ dárúkọ mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kọ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ yí ìparí ìtàn kan padà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kò ní lè dìde kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn òǹwòran bá ń lọ sílé.