Ìyá Mi Kì í Ṣe Ọmọ-ọ̀dọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti ju agbára mi lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ wá kí mi nílé wa ní Abúlé Òkúta, ní Ṣómólú, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní bí mo bá fi lè gbà á lálejò, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé. Kí ni mo ṣe? Mo kàn sọ fún ọmọ náà pé ìyá tó bí èmi ló bí ìyá rẹ̀ ni. Ǹjẹ́ ìyẹn tó ohun tí ọmọ ìyá ẹni ń tìtorí rẹ̀ kọni sílẹ̀? Àárọ̀ ni mo máa ń rántí rẹ̀ jù, bí mo bá ń gbálẹ̀ iwájú ilé, omijé á kàn máa bọ́.

Àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Òyìnbó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú. Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n bí mi sí. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ àdúgbò Bájúláyé ní Ṣómólú tó lọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e wálé. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ mi ní èdè tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Ṣómólú ni mo ti di òyìnbó. Nílẹ̀ tí wọ́n bí mi sí ńkọ́? Ìjọba yẹ̀ mí wò látòkè délẹ̀, wọ́n ní n kì í ṣe òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà yẹn, òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ ẹ̀yà gbogbo ènìyàn sílẹ̀: ẹni yìí òyìnbó, ẹni yẹn adúláwọ̀, ẹni tọ̀hún aláwọ̀ àdàlù, wọ́n tún ya àwọn ará Íńdíà sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ fún ọ ni yóò sọ ibi tí wàá gbé, ilé ìwé tí wàá lọ, ẹni tí o lè fẹ́, àti ìjókòó tí wàá jókòó sí nínú ọkọ̀. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Òfin ní òyìnbó ni ẹni tí ìrísí rẹ̀ bá hàn gbangba pé ó jẹ́ òyìnbó, tàbí ẹni tí àwọn ènìyàn bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwọ̀n kankan. Ojú òṣìṣẹ́ tó jókòó lọ́jọ́ náà ni ìwọ̀n.

Àwa méjì ni ìyá wa bí fún bàbá wa, bàbá sì tètè kú. Ẹ̀gbọ́n mi pupa fòò, irun rẹ̀ nà. Èmi náà pupa díẹ̀, ṣùgbọ́n irun mi ta kókó. Nígbà tó gba káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ náà kò wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà àwọn òyìnbó, ó gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì kọ òyìnbó fún un. Nígbà tí èmi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó kàn mí, ẹlòmíràn ló wà lórí àga. Ó wo ìdí èékánná mi, ó ní kí n ya ẹnu kí òun rí erìgì mi, ó ní kí n tú bọ́tìnnì ọrùn kí òun rí ibi tí oòrùn kì í dé. Ó bi ìyá mi léèrè ohun tí a ń jẹ nílé àti àwọn tó ń yà kí wa. Lẹ́yìn náà ló mú pẹ́ńsù, ó tì í bọ inú irun mi, ó ní kí n tẹrí ba, kí n mi orí, pé bó bá já bọ́, òyìnbó ni mí. Mo mi orí, mo mi orí, pẹ́ńsù ò já bọ́. Aláwọ̀ àdàlù ló kọ. Ìyá kan, bàbá kan, ẹ̀yà méjì! Ìtìjú náà bo ìyá mi débi pé kò lè wo ojú mi títí a fi délé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin òyìnbó kan, ẹnìkan ládùúgbò lọ fẹjọ́ sùn pé irọ́ ni káàdì rẹ̀, nítorí òfin náà fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ta ko ẹ̀yà ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ ní kó dìde, kó yí síhìn-ín, kó yí sọ́hùn-ún. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá jẹ́rìí pé òyìnbó làwọn mọ̀ ọ́n sí. Ìbéèrè tó kù ni pé àwọn wo ló ń bá rìn, àwọn wo ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Ó ní òun kì í bá aláwọ̀ àdàlù kankan rìn. Ó jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sọ irú ìyẹn gbọ́dọ̀ máa hùwà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí a bá pàdé lọ́jà, ó máa ń wo ibòmíràn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wá.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ ni ìyá wa kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ìyá wa lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé kí ìyá wa máa wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o! Ìyá tó bí i gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó so épírọ́ọ̀nù, ó ń pe ọmọ tó bí ní "màdáámù" lójú ọkọ rẹ̀, kó ṣáà lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi kóòmù gbígbóná na irun ọmọ náà kí ó tó gbé e jáde. Nígbà tí aládùúgbò kan wá sọ pé ọmọ yìí mà jọ ọmọ-ọ̀dọ̀ yín o, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi lé ìyá wa. Ìyá mi kò bú u. Ó ní, "Ó ní láti dáàbò bo ilé rẹ̀." Kò pẹ́ tó fi ṣàìsàn, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n mi kò wá síbi òkú. Mo kúrò nílẹ̀ náà.

Wọ́n ti fagi lé òfin náà tipẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ tí òfin náà bí kò tíì kú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ yẹn, tó ti di ìyá àgbà fúnra rẹ̀, rí fọ́tò ibi tí ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ti gbé e nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ojú obìnrin náà dà bí ojú tirẹ̀ nínú dígí. Ó wádìí títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ládùúgbò wa àtijọ́, ìyẹn ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, òun náà gba nọ́ńbà mi, ó ṣáájú ọmọ rẹ̀ pè mí. Ẹ ò rí i, láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá gbóhùn rẹ̀ nìyẹn. Kò béèrè àlàáfíà mi. Ó ní, "Bó bá bi ọ́, sọ fún un pé ọmọ-ọ̀dọ̀ ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu tó mu ọmú rẹ̀ kò ní sọ ìyẹn."

Nígbà tí ọmọ náà pè, mo sọ òtítọ́ fún un. Èmi rò pé yóò béèrè orúkọ ìyá wa, tàbí ibi tí a sin ín sí. Ohun tó béèrè ni pé, "Àǹtí, kí wá ni èmi báyìí?" Ọ́fíìsì yẹn ti tì pa, àwọn tó jókòó níbẹ̀ ti kú, síbẹ̀ ìbéèrè wọn ṣì ń jáde lẹ́nu ọmọ wa.

Ó ti wá tún pè, ó lóun fẹ́ wá wo ojú mi. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó wá, pé ọmọ kì í ṣẹ̀ nítorí irọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti darúgbó, ara rẹ̀ ò yá, òun nìkan sì ni ọmọ ìyá tí mo ní. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí ni kí n ṣe? Bó bá sì dé, tó jókòó níwájú mi, tó tún bi mí pé kí ni òun, kí ni kí n wí fún un?