Àwọn Tó Ni Báńkì Ló Ń Gbẹ̀yìn

Jókòó! Mo ní jókòó, má dúró sí mi lórí bí ẹni pé ojú títì la ti pàdé! Ọmọ tí mo bí, tí mo pọ̀n, tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú fún, ìwọ lo tún gbé fọ́ọ̀mù ìpín wọ ilé yìí wá? Inú pálọ̀ yìí náà? Háà! Olúwa, wá wò mí o! Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá. Ojú ọgbẹ́ ejò kò tíì jinná lára wa, o ti kó ekòló dé, o ní kí n fọwọ́ kàn án, pé ara rẹ̀ tutù.

Kí lo wí? Pé èyí kì í ṣe báńkì? Pé iléeṣẹ́ tó ń ṣe símẹ́ǹtì ni, àti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, àti àwọn oníná mànàmáná? Mo gbọ́. Ìgbà wo lo ti ń pariwo ẹ̀? Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, etí mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, nítorí bí n ò bá sọ ọ́, àyà mi á bẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn báńkì yín pa, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì pé ìjọba ti gba àṣẹ ìṣòwò lọ́wọ́ wọn, ìwọ tó o ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣé o pè mí? O ò pè mí. Ẹnu aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ni mo ti gbọ́. Ó ní, “Ìyá Tíṣà, ṣé kì í ṣe báńkì ọmọ yín nìyẹn?” Mo dáhùn pé rárá o, pé báńkì ọmọ mi kò lè wó. Mo jà fún ọ, ọmọ yìí! Mo bá aránṣọ jà lórí òtítọ́!

Wọ́n wá kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan, fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ ò sí níbẹ̀, nítorí náà gbọ́. Tábìlì àwọn tó fowó pamọ́ ni ó wà níwájú, ibẹ̀ ni èmi tò sí. Àjọ adójútòfò, àwọn tí ìjọba fi ń dáàbò bo owó tá a fi pamọ́ sí báńkì, ló ń sanwó níbẹ̀. Wọ́n wo orúkọ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n san owó fún mi dé ibi tí òfin ní kí wọ́n san án dé. Èyí tó lé lórí rẹ̀, wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n máa retí, bí wọ́n bá ta ilé báńkì, ta ọkọ̀ báńkì, tí wọ́n sì gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn tó yá owó báńkì, bóyá n óò rí díẹ̀ gbà, bóyá n ò ní rí. Ó dùn mí, àmọ́ mo dúpẹ́. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo wá yíjú wo bàbá rẹ. Ìlà tirẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ló wà nídìí tábìlì yẹn, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, kò sí àpótí owó níwájú ẹ̀, kò sí nǹkan kan. Bàbá rẹ na ìwé ìpín rẹ̀ sí i. Ó wọ kóòtù rẹ̀, èyí tó fi ń wàásù. Ó ní, “Ọmọ mi, èló ni báńkì jẹ mí?” Ọmọ náà wò ó, àánú ṣe é, mo rí i pé àánú ṣe é. Ó ní, “Bàbá, báńkì ò jẹ yín lówó o. Ẹ̀yin lẹ ni báńkì.”

Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín! Láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ nígbà ọlá àti nígbà ìṣẹ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí láyé mi. Àwọn tó wà lórí ìlà bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń dápàárá ni.

Ta ló sọ ọ́ di onílé? Ta ló sọ ọ́ di ẹni tó ni báńkì, ẹni tí kò ní ju bàtà méjì lọ?

Má wolẹ̀. Wo ojú mi. Ṣé kì í ṣe ìwọ ni? Ṣé kì í ṣe orí àga yẹn lo jókòó sí, tó o ń bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀gá yín ti ní kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ta ìpín tuntun tí báńkì gbé jáde, pé ẹni tí kò bá tà á tó kò ní gòkè lẹ́nu iṣẹ́? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. O sọ tìrẹ, ó bá bàbá rẹ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà ní ìfowópamọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pẹ̀lú adójútòfò lẹ́yìn ẹ̀ bí ògiri. Ìwọ lo sọ pé kó yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ògiri.

Ọ̀rọ̀ wo lo sì lò? O ní, “Bàbá, ẹ wá ní ìpín.” Ìpín! Fún ajíhìnrere! Lẹ́nu bàbá rẹ, ìpín ni ohun tí Ọlọ́run bù sínú àwo ẹni, ta ni í kọ̀ ọ́? Lẹ́nu tèmi tí mo kọ́ni ní ìṣirò, ìpín ni kí a fi méjì pín mẹ́jọ. Lẹ́nu báńkì, ìpín ni pé ìwọ náà wà nínú àwọn onílé: bí ilé bá ń mówó wọlé, wàá jẹ nínú èrè, bí ilé bá jóná, gbogbo ẹni tí ilé jẹ lówó á kọ́kọ́ gba tiwọn tán, onílé á wá ṣa eérú. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nìyẹn. O mọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ. O mọ èyí tó wà létí bàbá rẹ. O sì jẹ́ kó fọwọ́ sí i, ó gbàdúrà lórí bírò!

Ẹ̀n? Ìwọ náà ra díẹ̀? Ìwọ náà pàdánù? Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣé o rò pé mi ò sunkún tìrẹ ni? Mo sunkún tìrẹ títí, lẹ́yìn náà ni mo sunkún tèmi.

Nísinsìnyí o ti di ọmọ iṣẹ́ alágbàtà ìpín, o ní owó tí wọ́n san fún mi, tó jókòó sójú kan, ọ̀wọ́n ọjà ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Òtítọ́ ni. Mi ò pè ọ́ ní òpùrọ́. Egbòogi ọkàn bàbá rẹ, iye tí à ń rà á lọ́dún tó kọjá kọ́ la ń rà á báyìí. Mo ti rò ó lóòró, mo ti rò ó níbùú. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní, bí mo bá nílò owó mi lójijì ńkọ́? O ní iléeṣẹ́ kò ní dá a padà fún mi, àfi kí ẹ bá mi wá ẹlòmíì tó máa rà á, ní iye tó bá ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà, yálà ó ti gbówó lórí tàbí ó ti wálẹ̀, ẹ̀yin alágbàtà á sì yọ tiyín. Mo ní, èrè ọdọọdún ńkọ́, ṣé ó dájú? O ní bí iléeṣẹ́ bá jèrè ni, bí àwọn olùdarí bá sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pín in. Wọ́n lè má pín kọ́bọ̀ lọ́dún míì. Mo ní, bí iléeṣẹ́ bá wó, adójútòfò wo ló wà lẹ́yìn mi? O ní kò sí. O ní ohun tí mo bá fi sí i nìkan ni mo lè pàdánù, wọn ò ní wá gba gbèsè iléeṣẹ́ lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo lè pàdánù gbogbo rẹ̀. O ní kí n má fi sí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. O ní owó tí mo máa fi jẹun láàárín ọdún márùn-ún, kí n má mú un súnmọ́ ibẹ̀.

O sọ òtítọ́ fún mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó gún régé. Inú mi sì bàjẹ́ jùlọ níbẹ̀. Mo wọ yàrá, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu sunkún. Ọmọ tó mọ òtítọ́ tó báyìí, ibo ló kó o pamọ́ sí lọ́jọ́ bàbá rẹ̀?

Má sunkún. Gbọ́ ìpinnu mi, kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀rù ló ń bá mi jà. Owó egbòogi, owó ilé àti oúnjẹ wa á wà ní ìfowópamọ́. Báńkì méjì ni n óò fi sí, kí èyí tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju iye tí adójútòfò ń san lọ. Òrùlé tí mo fẹ́ pààrọ̀ lè máa jò. Owó òrùlé yẹn, òun ni mo lè gbà kó lọ sí ìpín, sí ọ̀nà bíi mélòó kan, símẹ́ǹtì rẹ, ọṣẹ rẹ. Bó bá pọ̀ sí i, ká dúpẹ́. Bó bá ṣègbé, òjò ò kúkú pa wá kú.

Dúró! Gbé bírò yẹn sílẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé bàbá rẹ kò gbàdúrà mọ́? O ò mọ̀, nítorí o kì í wọ yàrá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà lo ti ń kí i bí ẹni tó wá gba owó iná. Bí mo bá gbàdúrà tán, kì í ṣe àmín. Ẹni tó ti ń jí àdúgbò sí ìsìn! Mo bi í, mo ní, “Baálé mi, kí ló dé?” Ó ní, “Ìyàwó mi, gbogbo ènìyàn tò síwájú Ọlọ́run, ó dá kálukú lóhùn. Nígbà tó kàn mí, ó ní èmi ni mo kẹ́yìn, kò sì sí nǹkan kan fún mi.” Ṣé o gbọ́? Ó rò pé Ọlọ́run ló wà nídìí tábìlì yẹn! Ó rò pé wọ́n wo orúkọ òun ní ọ̀run, wọ́n sì fagi lé e. Mo ṣàlàyé títí, ó ní mò ń tu òun nínú ni. Ìyàwó ní í tuni nínú, ó ní òun mọ̀.

Nítorí náà ìwọ ló máa sọ fún un, alágbàtà! Òfin ló ní kí onílé gbẹ̀yìn, Ọlọ́run kọ́. Wọlé lọ. Jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Sọ bó ṣe ń lọ, ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ sanwó fún àti ẹni tó ń gbẹ̀yìn. Sọ pé o mọ̀ lọ́jọ́ náà, o ò sì wí. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti bínú sí ènìyàn, ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Bó bá gbá ọ létí, dúpẹ́.

Lọ. Kò sùn. Fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ níbí. Ọwọ́ òfìfo ni kó o gbé wọlé tọ̀ ọ́.