Ìfẹ́ Wa Tán, Kì Í Ṣe Ìfẹ́ Wa Tàn

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ara ò le bí? Ilé ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé wà. Aṣọ ni mò ń sá lókè. Kí ló dé tó ò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé?

ÀBÚRÒ: Kò sí nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, orin tẹ́ ẹ kọ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, èyí tó gùn àtèyí tí wọ́n gé fún rédíò, èwo lẹ fẹ́ràn jù?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ tí iṣẹ́ ẹ ò ju kó o so wáyà mọ́ spíkà? Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nírú ẹ̀? Ibo lo wà?

ÀBÚRÒ: Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni. Wọ́n ń ṣe rehearsal ijó tí tọkọtìyàwó máa jó lọ́la. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Atẹ́gùn ń fẹ́ wọnú fóònù]

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́. Ijó àwọn wo?

ÀBÚRÒ: Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Orí òrùlé ni mo wà, kí ni kí n jókòó lé? Ta ni?

ÀBÚRÒ: Dígí.



Ẹ̀GBỌ́N: Dígí wo?

ÀBÚRÒ: Ọkọ yín tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Má pè é lọ́kọ mi! Ọkùnrin tí kò lè kọjá níbi tí gíláàsì wà kó má yẹ irun ẹ̀ wò! Kí ló fẹ́ fi orin mi ṣe?

ÀBÚRÒ: Orin yín ni wọ́n fẹ́ fi jó wọlé. Èmi ò mọ̀ pé òun ni o. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ló ní kí n wá. Ìgbà tó wọlé ló gbá mi léjìká, ó ní, “In-law! No hard feelings.”

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ò tilẹ̀ tì í.

ÀBÚRÒ: Ó tún ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé orin ìyìn lẹ kọ fún òun. Ó ní, “Ìyàwó mi àkọ́kọ́ gan-an jẹ́wọ́ pé ìfẹ́ wa tàn.”

[Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn-ún gbọ́]

Ẹ̀GBỌ́N: Tàn kẹ̀? Bí iná mànàmáná? Etí méjì tí Ọlọ́run fún ọkùnrin yẹn, awò ojú nìkan ló ń gbé kọ́ wọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kí n má purọ́, èmi náà gbọ́ “tàn” fúngbà pípẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà? A tún rí òmíràn! Sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ìfẹ́ wa tán.

ÀBÚRÒ: Ìfẹ́ wa tán. Dò mí re mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Òkè ló parí sí, àbí? Ṣùgbọ́n orin ijó fẹ́ padà sílé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí dò kí ẹsẹ̀ lè ríbi gúnlẹ̀ sí. Tí ohùn bá wá wọ́ “tán” wálẹ̀ sórí dò—

ÀBÚRÒ: Ó di “tàn.” Ṣé àṣìṣe kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Àṣìṣe bàbá ta ni? Ká ní gbogbo orin náà ló rí bẹ́ẹ̀, ò bá pè é láṣìṣe. Verse ńkọ́? Ṣé o rí ibì kan níbẹ̀ tí ohùn ti ṣẹ́ ọ̀rọ̀ lápá? “Mo ti ọsibítù dé, kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣílẹ̀kùn mọ́. Mo kanlẹ̀kùn ara mi bí àlejò.” Gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ègbè nìkan ni mo yí lóhùn.

ÀBÚRÒ: Ohùn yín kéré ní verse ṣá. Gìtá àti àtẹ́wọ́ bò ó.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo ní kí wọ́n bò ó! Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á tẹ́tí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó máa mi ìdí. Ṣé o gbọ́ mi?

[Líìnì ń já]

ÀBÚRÒ: —fi ohùn arò kọ ọ́? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní kí ló dé tẹ́ ò fi ohùn arò kọ ọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n lè ṣe “pẹ̀lẹ́” fún mi, kí wọ́n sì gbàgbé? Lọ́jọ́ tí mo tọsibítù dé yẹn, tí oyún ti bà jẹ́ lára mi, tí Dígí ti pààrọ̀ àgádágodo mọ́ mi, rédíò aládùúgbò ń ké lókè, wọ́n ń jó. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ń bá ìlù yẹn lọ fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi...

Ẹ̀GBỌ́N: Má ṣe pẹ̀lẹ́! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè é ní irony, wọ́n ní kéèyàn máa sọ òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn ni. Mi ò sọ òdìkejì kankan. Ọ̀rọ̀ mi tọ́ bí ọ̀pá. Ìlù ló ń purọ́. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ á dúró lójijì láàárín ijó, á máa wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìlù nìkan, òun gan-an ni orin fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

ÀBÚRÒ: Tó bá wá kan ègbè kẹta tó kẹ́yìn—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìlù á dákẹ́. Mo gbé “tán” lọ sókè níbi tó ti yẹ kó wà. Rédíò gé e kúrò, àwọn òpè.

ÀBÚRÒ: Ìdí tí mo fi pè nìyẹn. Tí mo bá fi èyí tó gùn sí i, gbogbo àlejò á gbọ́ lọ́la.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n gbọ́! Fi sí i kó dún dọ́run!

ÀBÚRÒ: Ìyàwó ńkọ́? Kí lòun ṣe?



Ẹ̀GBỌ́N: ...Ó dáa. Fi èyí tí wọ́n gé sí i. Kó jó ìdájọ́ ara ẹ̀ láìmọ̀. Mi ò fẹ́ kí ìtìjú—

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ti wá síbí o, ó ti ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó ní kí n gbé fóònù fóun. Ṣé kí n—

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó]

ÌYÀWÓ: Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, àǹtí. Ìbéèrè kan péré. Ṣé “tán” lẹ kọ ni àbí “tàn”?

Ẹ̀GBỌ́N: ...Kí ló dé tó o fi ń béèrè?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ verse. Kò bá “tàn” mu.

Ẹ̀GBỌ́N: “Tán” ni, àbúrò mi.

ÌYÀWÓ: Àti ilẹ̀kùn yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbọ́, má tìtorí tèmi—ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ yín mà. Brother, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó gùn sí i. Ibi ègbè ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

[Orin bẹ̀rẹ̀, ìlù yára. Ọkùnrin kan ń kọrin tẹ̀lé e lókèèrè. Ìlù dákẹ́ lójijì. Ohùn obìnrin inú orin gbé “tán” sókè. Ohùn ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ sórí “tàn,” òun nìkan]

ÀBÚRÒ [lókèèrè]: Yéè!

ÌYÀWÓ [kò kọjú sí fóònù]: Kí ni verse kejì sọ?

OHÙN ỌKÙNRIN [lókèèrè]: Verse? Baby, ta ló ń gbọ́ verse? Ijó là ń jó! Ẹ tún fi sí i!

ÌYÀWÓ: Àǹtí. Ó tún ń rẹ́rìn-ín o.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

ÌYÀWÓ: Brother, ẹ bá mi pe takisí. Ilé ìyá mi ni mò ń lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ dáadáa, fara balẹ̀, má sunkún níwájú ẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já]