Èmi Ni Mo Tú Ìdáhùn Àlọ́ Tíṣà Bùnmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ọmọbìnrin kan máa kúnlẹ̀ níwájú ìjọ wa, yóò tọrọ àforíjì fún ohun tí èmi ṣe.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Ogunu ní Warri ni mò ń gbé. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹja pípa. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ta ló mọ àlọ́ tó mi? Mo pa àlọ́ kan nínú ọkọ̀ nígbà kan, ẹja fò wọlé wá gbọ́ ìdáhùn, ẹ̀rín sì pa á. Ẹ má bi mí léèrè ẹlẹ́rìí, a ti jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń kún iwájú ilé mi. Papa Àlọ́ ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Bùnmi dé láti Ìjẹ̀bú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa fún un ní kíláàsì àwọn ọmọdé. Ó bi wọ́n pé, "Ọmọ mẹ́fà dúró sábẹ́ agboòrùn kékeré kan, omi ò kan ìkankan nínú wọn. Báwo ló ṣe jẹ́?" Àwọn ọmọ ní wọ́n lẹ̀ mọ́ra ni, wọ́n ní wọ́n kéré bí èèrà ni. Ó ń mi orí. Nígbà tí wọ́n gbà pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, ó ní, "Òjò ò rọ̀ ni!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, inú mi ló ti ń ta mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mẹ́ta péré ló wá. Ejiro, ọmọ aládùúgbò mi, ní, "Papa, your own don old o! Every Saturday, na beans." Ó ní àlọ́ mi ti gbó: àlọ́ ẹ̀wà tí mo máa ń pa ní gbogbo Sátidé ló ń bú. Mi ò lè jẹun.

Ìgbà tó yá, Tíṣà fẹ́ ṣe ìdíje àlọ́ láàárín kíláàsì tirẹ̀ àti kíláàsì kejì. Ó wá bá mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin nìkan ni mo fi hàn o."

Ó kọ àwọn àlọ́ náà sára páálí pélébé, ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Ẹyẹ mẹ́wàá bà sórí wáyà iná, mo sọ òkò pa ọ̀kan, mélòó ló kù lórí wáyà? Mo yí i padà: kò sí, àwọn yòókù ò dúró sin òkú. Kí ló máa ń tutù bó ṣe ń nu èèyàn gbẹ? Tówẹ̀lì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó sì dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ gbà á nímọ̀ràn: kó fi èyí tó rọrùn ṣáájú, kó má rẹ́rìn-ín kí àwọn ọmọ tó rẹ́rìn-ín, kó jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó tú u.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọmọ mẹ́jọ nínú kíláàsì rẹ̀, mo sọ gbogbo ìdáhùn fún wọn. Mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́ wọn. Èrò mi ni pé àlọ́ tí èèyàn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kì í pani lẹ́rìn-ín mọ́, ìdíje náà á kàn tutù bí ẹ̀bà àná. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdíje, Tíṣà ní, "Ẹyẹ mẹ́wàá bà sórí..." Kò tíì dé ibi òkò tí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi pariwo pé, "Dem no wait for burial!" Ó bọ́ sí ti tówẹ̀lì, bákan náà. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìyá kan dìde: "Tíṣà, you don give your pikin dem expo!" Ó ní Tíṣà ti tú ìdáhùn fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ṣáájú ìdíje.

Tíṣà wò mí. Èmi ń wo fáànù òkè.

Àwọn àgbà ìjọ bi àwọn ọmọ náà léèrè, wọn ò dárúkọ mi. Tíṣà gan-an mọ̀ pé èmi nìkan lòun fi hàn, kò dárúkọ mi. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa àlọ́ báyìí, wọ́n á na ọwọ́: "Papa, give us the answer first." Wọn kì í ronú mọ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, àwọn àgbà ní wọ́n á dá kíláàsì padà fún Tíṣà bó bá kúnlẹ̀ bẹ ìjọ. Ó ti gbà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé mi ò ṣe é."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde láàárín ìjọ ni, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá a nílé? Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò sí ọmọ tó máa yà sọ́dọ̀ mi mọ́.

Tíṣà Bùnmi, bó o bá ka èyí kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, jọ̀ọ́ ọmọ mi, má kúnlẹ̀.