Ohun Tó Ṣáájú Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. 

Màmá tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn nínú ìjọ wa ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ọkọ kan àti ìyàwó rẹ̀ ya àwòrán ojú fóònù wọn níbi tí ọ̀rọ̀ ìjà wọn lórí wasáàpù wà, oníkálukú fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Màmá ní, "Kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra níbẹ̀ fún mi, kó mọ níwọ̀n. Má dá ẹjọ́ o." Ìyàwó náà ti gbà mí láyè láti jẹ́ ẹ̀rí yìí.

Mo kà á. Ọkọ á béèrè ibi tí ìyàwó wà. Bí èsì bá pẹ́, ìbéèrè á di ẹ̀sùn, á hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde. Ìyàwó á ṣàlàyé títí, á wá bẹ̀bẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyàwó tètè máa ń bẹ̀bẹ̀, ìjà wọn kì í pẹ́ tán." Mo gbàdúrà ọ̀sán, oorun sì gbé mi lọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun fà mí lọ́wọ́. A dé ibi tútù kan tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ń jiyàn lọ́run?"

Amọ̀nà mi ní, "Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹnìkejì níhìn-ín."

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ là lábẹ́ wa, a já wálẹ̀, òkùnkùn, ooru, igbe, mo rí àwọn aninilára lórí eékún, iná dúró lórí wọn, iná náà ń sọ̀rọ̀ o, ó ń ní, "Níbo lo wà? Kí ló dé tí o ò dáhùn?", wọ́n ń ké pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú!", kò gbọ́, ó tún ń béèrè!

Amọ̀nà yíjú sí mi. "Kí ló ṣáájú ẹ̀bẹ̀ ìyàwó yẹn?"

Mo jí. Mo to àwòrán méjèèjì síra. Ọkọ ti gé ìlà kan kúrò nínú tirẹ̀. Ó wà nínú ti ìyàwó, èmi ni mo fojú fò ó nígbà àkọ́kọ́: "O mọ ohun tí mo lè ṣe tí mo bá délé." Gbogbo ìgbà ni ẹ̀bẹ̀ ń tẹ̀lé e.

Mo tún un kọ: "Lẹ́yìn ìhàlẹ̀ yìí ni ìyàwó máa ń bẹ̀bẹ̀. Ìlà náà kò sí nínú àwòrán ọkọ. N ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn, àwòrán ò lè sọ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rí ìyàwó lóun nìkan, kí ọkọ má mọ ohun tó bá sọ."

Màmá pe ìyàwó náà. Ó jókòó. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, Màmá rí àpá níbẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìyàwó náà wà báyìí.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá ń sọ "ẹ má bínú" fún yín nílé, ẹ wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Bí ẹ̀rù bá wà níbẹ̀, ẹ ronú pìwà dà lónìí. Mo ti gbọ́ ohùn iná yẹn. Kì í dárí jini.